Ímeèlì Àkọ́kọ́ sí Alágbàtà Gàrí ní Lọ́ńdọ̀nù

Ká ní o ń ṣe gàrí ní Ìjẹ̀bú-Òde, o sì fẹ́ kọ ímeèlì sí alágbàtà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ̀ ọ́ rí. Àkọlé ni yóò kọ́kọ́ rí, nítorí náà dárúkọ ọjà síbẹ̀: “Gàrí Ìjẹ̀bú, àpò kílò 1”. Nínú lẹ́tà, sọ iye àpò tí o lè kó jáde lóṣù àti nọ́ńbà NAFDAC rẹ.

Ẹ̀rù tó ń ba irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ni pé kí gàrí má bu lójú òkun. Sọ èsì àyẹ̀wò rẹ fún un: ìlànà àgbáyé Codex kò fẹ́ kí omi inú gàrí ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Parí rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò?