Ààyè Abẹ́ Ìlà Títẹ̀: Ìpín Mélòó Ló Tó?

Ààyè tó wà lábẹ́ ìlà títẹ̀ lórí gíráàfù kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ìbú sọ gíga di púpọ̀ kó sì rí i, nítorí gíga ìlà náà ń yí padà láti ibì kan dé èkejì. Kálúkúlọ́ọ̀sì ní ọ̀nà tó ń fúnni ní ìdáhùn gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Àwọn ìlà kan wà tí kò sí fọ́múlà tó rọrùn fún ààyè abẹ́ wọn. Nígbà mìíràn, ìlà gan-an kò ní fọ́múlà: gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ awọnlẹ̀ ni ìwọ̀n tó mú láti ara okùn títọ́ dé etí odò, níbi mélòó kan tí àárín wọn dọ́gba. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á gé ààyè náà sí ìpín tóóró-tóóró, wọ́n á wọn ìpín kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Àpẹẹrẹ tó dára jù láti fi kọ́ iṣẹ́ yìí ni èyí tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀, kí a lè rí bí a ṣe sún mọ́ ọn tó. Ẹ jẹ́ kí a mú ìlà y = 1/x, láti ibi tí x ti jẹ́ 1 dé ibi tó ti jẹ́ 2. Ààyè abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 0.693147. Bí a bá gé e sí ìpín mẹ́rin, ìbú ìpín kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 0.25, a ó sì nílò gíga ìlà náà níbi márùn-ún. Níbi tí x ti jẹ́ 1, gíga jẹ́ 1; ní 1.25, ó jẹ́ 0.8, ní 1.5, 0.666667, ní 1.75, 0.571429, ní 2, 0.5.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni òfin trapísíọ́mù. A ó fi ìlà tó tọ́ so orí gíga kan mọ́ orí èyí tó tẹ̀ lé e, ìpín kọ̀ọ̀kan á sì di trapísíọ́mù. Gíga tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ìdajì wọn là ń mú, nítorí ìpín kan ṣoṣo ló ń lò wọ́n. Ìpín méjì ló ń pín àwọn ti àárín, nítorí náà odindi wọn là ń mú. Ìdajì 1 àti ìdajì 0.5 jẹ́ 0.75. Bí a bá ro àwọn mẹ́ta ti àárín mọ́ ọn, ó di 2.788095. A ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.25, a ó sì rí 0.697024. Ó ju òótọ́ lọ ní nǹkan bíi 0.0039, nítorí ìlà 1/x rọ̀ sí ìsàlẹ̀ láàárín ibi méjì, ìlà títọ́ tí a fi so wọ́n sì gba òkè rẹ̀ kọjá.

Ọ̀nà kejì kò lo ìlà títọ́. Ìpín méjì-méjì ló ń mú pọ̀, á sì fa ẹ̀ka parábólà kan gba orí gíga mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, iye ìpín gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí méjì dọ́gba. Orúkọ Thomas Simpson, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbáyé láàárín ọdún 1710 sí 1761, ni wọ́n fi ń pe òfin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Johannes Kepler ti lo irú ìṣirò yìí láti wọn àgbá wáìnì nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1615. A ó mú ìpẹ̀kun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, a ó sọ àwọn ti àárín di ìlọ́po mẹ́rin, méjì, mẹ́rin, a ó ro wọ́n pọ̀, a ó sì sọ àpapọ̀ náà di púpọ̀ pẹ̀lú ìdá mẹ́ta ìbú ìpín kan. Nínú àpẹẹrẹ wa:

1 + 3.2 + 1.333333 + 2.285714 + 0.5 = 8.319047

Ìdá méjìlá rẹ̀ jẹ́ 0.693254. Gíga márùn-ún yẹn náà la lò, síbẹ̀ ìyàtọ̀ sí òótọ́ kò ju nǹkan bíi 0.00011 lọ.

Lẹ́nu iṣẹ́ gidi, a kì í mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ààlà tí a mọ̀ dájú pé ìyàtọ̀ kò lè kọjá. Fún ìbẹ̀rẹ̀ a àti òpin b, pẹ̀lú iye ìpín n, ààlà méjèèjì nìyí:

Trapísíọ́mù: K(b − a)³ / (12n²)
Simpson: M(b − a)⁵ / (180n⁴)

K ń sọ bí ìlà náà ṣe tẹ̀ tó. A ó wá ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà náà, a ó tún wá ìdàgẹ̀rẹ̀ èyí tí a rí, a ó sì mú iye rẹ̀ tó tóbi jù láàárín a àti b, láìka àmì ìyọkúrò sí. Fún M, ẹ̀ẹ̀mẹrin la ó ṣe bẹ́ẹ̀. Fún 1/x, ẹ̀ẹ̀mejì ń fún wa ní 2/x³, ẹ̀ẹ̀mẹrin sì ń fún wa ní 24/x⁵. Ibi tí x ti jẹ́ 1 ni méjèèjì ti tóbi jù, nítorí náà K jẹ́ 2, M sì jẹ́ 24.

Ẹ jẹ́ ká ní a fẹ́ kí ìyàtọ̀ má ju 0.0001 lọ. Fún trapísíọ́mù, ààlà náà di 1/(6n²), èyí tó béèrè pé kí n² tó 1,667 ó kéré tán. Ogójì ní ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 1,600, kò tó. Nítorí náà ìpín 41 la nílò. Fún Simpson, ààlà náà di 2/(15n⁴), n⁴ sì gbọ́dọ̀ tó 1,334. Ìpín mẹ́fà ń fúnni ní 1,296, ó kù díẹ̀ kó tó. Méje tó, ṣùgbọ́n kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba. Mẹ́jọ ni ìdáhùn. Ìpín mẹ́jọ ń ṣe iṣẹ́ tí trapísíọ́mù ń fi 41 ṣe.

Ààlà kì í ṣe ìyàtọ̀ gan-an o. Ibi tí ìlà ti tẹ̀ jù ló fi ń díwọ̀n gbogbo ibi tó kù, nítorí náà ó máa ń le ju bó ti yẹ lọ. Ká ní a lo ìpín mẹ́fà, 0.693170 là bá rí, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 0.00002 péré. Mẹ́fà ì bá ti tó, ṣùgbọ́n kò sí bí ààlà náà ṣe lè fi wá lọ́kàn balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ibi tí kò bá ti ṣeé ṣe láti rí K tàbí M, ìlọ́po ìpín là fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Bí a bá sọ n di ìlọ́po méjì, ìyàtọ̀ trapísíọ́mù máa ń dín kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin, ti Simpson sì máa ń dín kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́rìndínlógún. Ìpín mẹ́jọ fún 1/x ń fúnni ní 0.694122 lọ́nà trapísíọ́mù: ìyàtọ̀ tó jẹ́ 0.0039 ti di nǹkan bíi 0.00097, nǹkan bí ìdá mẹ́rin ni. Nítorí èyí, bí a bá fi mẹ́ta pín àlàfo tó wà láàárín èsì mẹ́rin àti èsì mẹ́jọ, a ó rí 0.00097, tó sún mọ́ ìyàtọ̀ gidi èsì mẹ́jọ gan-an, láìjẹ́ pé a mọ òótọ́. Fún Simpson, 15 la ó fi pín in.

Bí ìdínkù náà kò bá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ń ṣe ìlà náà. Ìlà √x láti 0 dé 1 jẹ́ àpẹẹrẹ. Ààyè rẹ̀ jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìlà náà nàró ṣánṣán ní 0, K kò sì ní òpin. Lọ́nà trapísíọ́mù, ìpín mẹ́rin ń fúnni ní 0.643283, mẹ́jọ ń fúnni ní 0.658130. Ìyàtọ̀ mẹ́rin jẹ́ ìlọ́po 2.7 ti mẹ́jọ, kò tó ìlọ́po mẹ́rin. Igun ṣóńṣó láàárín ìlà máa ń ba ìdínkù yìí jẹ́ bákan náà, pàápàá ti Simpson, bí kò bá bọ́ sí ibi tí ìpín méjì-méjì ti parí. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí a gé ìlà níbi igun náà, kí a wọn apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ṣe irú ìṣirò yìí kọ́kọ́ pinnu ìyàtọ̀ tó lè gbà, kó lo Simpson níbi tí ìlà bá ti dán geere, kó sì máa fi ìpín ìlọ́po méjì yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò kó tó gbà á gbọ́.