Jẹnẹrétọ̀ Kékeré, Iṣẹ́ Méjì

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìsọ̀ ṣájì fóònù àti fọ́tòkọ́pì ní Ìgbẹsà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbogboniṣe kì í ti í lè dúró de iná ìjọba, a máa rò pé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó fún méjèèjì. Èmi tí mo wà nídìí iṣẹ́ náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù kan lórí ṣájà lásán kì í sábà fa ju wáàtì 10 lọ. Bí 20 bá pé jọ, wáàtì 200 ni, jẹnẹrétọ̀ oníwáàtì 650 yóò sì gbé e wẹ́rẹ́. Ìwé ló ń dá a lágara. Ooru ni fọ́tòkọ́pì fi ń yọ́ ìyẹ̀fun dúdú mọ́ ìwé, bí ó bá sì ń gbóná lọ́wọ́, ó lè fa wáàtì 1,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ óò gbọ́ tí ohùn jẹnẹrétọ̀ lọ sílẹ̀, gílóòbù yóò sì ṣú. Ẹ fi ìka nu ìwé tó jáde: bí lẹ́tà bá ń ṣí, ooru kò tó nìyẹn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníńkì olómi ni mo fi ń bá fóònù rìn. Ó lọ́ra, íńkì rẹ̀ sì wọ́n. Ẹni tó bá gbé odidi ìwé wá yóò fi í sílẹ̀ títí iná ìjọba yóò fi dé.