Ohun Tí Ilẹ̀ Dídán Ń Rí: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtọ́ni Fún Fídíò Fóònù Tuntun

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta fóònù ní Ìkẹjà ní kí n bá òun ṣe fídíò kékeré kan. Irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí aṣọ lójú fóònù tuntun ló fẹ́: òkùnkùn á kọ́kọ́ ṣú, ìlà ìmọ́lẹ̀ kan á yọ létí fóònù, lẹ́yìn náà fóònù ọ̀hún á fara hàn lórí ilẹ̀ tó ń dán bí omi tó tòrò. Kò sówó situdíò lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Mo bá ṣí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di fídíò, mo sì tẹ ìtọ́ni yìí sí i: "Fóònù tuntun lórí dígí, iná situdíò, kó rẹwà gan-an."

Ohun tó jáde jọ fóònù lóòótọ́. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kún ibi gbogbo bí ọ̀sán gangan. Ẹ̀yìn fóònù ló kọjú sí wa, ẹ̀dà rẹ̀ tó yọ nílẹ̀ sì ń fi iwájú hàn. Nígbà tí fóònù yí padà, ojú kámẹ́rà mẹ́ta di mẹ́rin. Ẹ̀bi ẹ̀rọ nìkan kọ́. Èmi tí mo kọ ìtọ́ni ni mi ò mọ ohun tí mò ń béèrè.

Ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í ṣírò ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wà nínú ètò kọ̀ǹpútà bíi Blender, níbi tí a ti ń gbé iná kalẹ̀ síbi tí a bá fẹ́, tí kọ̀ǹpútà á sì tọpa ìmọ́lẹ̀ láti ojú kámẹ́rà padà síbi tó ti wá. Ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di fídíò ti rí àìmọye àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí a kọ nípa wọn, ó sì ń fi èyí tó ti rí méfò èyí tí a béèrè. "Kó rẹwà" kò sọ ohun kan tó lè yà. Ọ̀rọ̀ tó lè yà ni ibi tí iná wà, bí ó ṣe tóbi tó, ohun tó wà lẹ́yìn fóònù, àti bí kámẹ́rà ṣe ga tó.

Ilẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló le jù. Nínú àwòrán báyìí, àwọn ayàwòrán kì í sábà lo dígí tí a fi ń wojú. Lẹ́yìn gíláàsì dígí ni ohun tó ń dá àwòrán padà wà, nítorí náà àlàfo tínrín máa ń wà láàárín ohun tí a gbé lé e àti ẹ̀dà rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀dà náà á sì di méjì. Ike dúdú tó ń dán ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní akirílíìkì. Ojú òkè ike náà gan-an ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, nítorí náà ìsàlẹ̀ fóònù àti ìsàlẹ̀ ẹ̀dà rẹ̀ máa ń fẹnu kanra.

Ike náà ní ìwà kan tí gbogbo wa ti rí lára omi. Ẹ dúró lẹ́bàá bàsíà omi, kí ẹ wo inú rẹ̀ tààrà: ìdí bàsíà lẹ máa rí. Àmọ́ ẹ wo ọ̀sà Èkó láti ọ̀nà jíjìn, kí ojú yín fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, ojú ọ̀run lẹ máa rí lórí rẹ̀. Fresnel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣírò ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Bí a bá wo ike dídán láti òkè tààrà, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló ń dá padà, ẹ̀dà fóònù kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Bí kámẹ́rà bá fi dígírì 30 péré ga ju ilẹ̀, á di nǹkan bí 9 nínú 100. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ dé dígírì 10, ó súnmọ́ 40. Ẹni tó bá kọ "ilẹ̀ tó ń dán bíi dígí" tó sì tún kọ "kámẹ́rà láti òkè" ti béèrè ohun méjì tó ń ta ko ara wọn. Ẹ̀rọ á mú ọ̀kan, á sì ba èkejì jẹ́. Kámẹ́rà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ.

Èyí ló mú wa dé ibi tó yà mí lẹ́nu jù lọ. Ilẹ̀ dúdú tó ń dán kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí kámẹ́rà bá wà nísàlẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn fóònù ni ilẹ̀ náà ń fi hàn wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀ ní àwọ̀ aró, ògiri ẹ̀yìn ni kó pa láró. Mo lo ọjọ́ kan gbáko níbi tí mo ti ń tẹ "ilẹ̀ aláwọ̀ aró tó ń dán", ilẹ̀ alárànbarà bíi ti ilé ijó ni mò ń rí. Ìgbà tí mo kọ ọ́ pé ògiri ẹ̀yìn dúdú, pé ìmọ́lẹ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín rẹ̀, ni ilẹ̀ tó fara balẹ̀.

Ojú fóònù pẹ̀lú ń ṣe bíi dígí nígbà tí kò bá tíì tàn. Ìmọ́lẹ̀ ń ta padà lára rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta padà lára ògiri: bí ó ṣe tẹ̀ wá náà ló ṣe ń tẹ̀ lọ. Mo ti kọ́kọ́ ní kí fóònù dúró ṣánṣán, kí iná ńlá wà lókè orí rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ sì máa ṣàn lójú rẹ̀. Nínú situdíò gidi, èyí kò lè ṣẹlẹ̀. Kámẹ́rà tó wà nísàlẹ̀, tó ń wo gíláàsì tó dúró ṣánṣán, ilẹ̀ iwájú fóònù ló máa rí nínú rẹ̀, kò ní rí òkè. Bí fóònù bá fẹ̀yìn tì díẹ̀, ká ní dígírì 20, ojú rẹ̀ á gbé sókè, iná tó wà lókè níwájú á sì wọ inú rẹ̀. Iná náà gbọ́dọ̀ tóbi ju fóònù lọ fíìfíì, kí a sì fi aṣọ funfun bò ó lójú. Fóònù kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 lọ ní gígùn; iná tó ga tó 90 á tàn dé gbogbo ojú rẹ̀, etí rẹ̀ á sì rọ̀. Gílóòbù kékeré tó ṣí sílẹ̀ á kàn dá bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo sójú gíláàsì ni.

Iná kejì tínrín, ó gùn bí ọ̀pá. Ẹ̀yìn fóònù lápá òsì ni kó wà, òun ló ń fa ìlà funfun sétí irin fóònù tí a fi ń mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Iná méjì tó. Bí ẹ bá dárúkọ márùn-ún, ẹ̀rọ á tú gbogbo wọn dà sójú kan.

Ó wá ku ìṣípayá fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kó máa rìn, èmi sì yan iná. Bí fóònù bá ń yí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ méfò ẹ̀gbẹ́ tí a kò tíì rí, ibẹ̀ sì ni bọ́tìnnì ti ń pòórá tí ojú kámẹ́rà ti ń bí sí i. Bí kámẹ́rà bá ń rìn, ẹ̀dà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú rẹ̀ láì yẹ̀, agbára káká ni ẹ̀rọ fi ń ṣe é. Àmọ́ bí fóònù àti kámẹ́rà bá dúró, tí iná nìkan ń kọjá, òkùnkùn fúnra rẹ̀ ló ń di aṣọ tí a ń ṣí.

Èyí ni ìtọ́ni tí mo parí sí, fún fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ:

```
Fóònù dúdú kan fẹ̀yìn tì ní dígírì 20 lórí ike dúdú
tó ń dán. Iwájú rẹ̀ kọjú sí kámẹ́rà.
Kámẹ́rà dúró sójú kan, dígírì 10 sókè ilẹ̀, lẹ́ńsì 100mm.
Ògiri ẹ̀yìn dúdú, ìmọ́lẹ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín rẹ̀.
0-2: òkùnkùn; ìlà funfun tínrín tàn ní etí òsì fóònù.
2-5: iná ńlá aláṣọ funfun kọjá lókè níwájú, láti òsì
sí ọ̀tún; ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣàn kọjá lójú gíláàsì.
5-8: iná dúró; ojú fóònù tàn; ẹ̀dà rẹ̀ nílẹ̀ tàn,
ó ṣókùnkùn ju fóònù lọ.
```

Bí ẹ̀rọ yín kò bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má da ètò rẹ̀ rú. Ẹ kíyè sí i pé mi ò kọ "kò sí eruku" tàbí "kò sí ìka ọwọ́" síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń gbá ọ̀rọ̀ náà mú, wọ́n á sì ya eruku tí a ní kó má sí. Ohun tí a fẹ́ rí ni kí a kọ: ilẹ̀ mímọ́, gíláàsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Nígbà tí fídíò bá jáde, ẹ dá a dúró láàárín, kí ẹ wo ibi tí fóònù ti kan ilẹ̀. Bí àlàfo bá wà níbẹ̀, fóònù ń léfòó. Ẹ wo ìlà funfun etí fóònù, kí ẹ wá a lára ẹ̀dà: apá òsì kan náà ló gbọ́dọ̀ wà, torí ilẹ̀ ń dorí nǹkan kodò ni, kì í gbé òsì sí ọ̀tún. Ẹ tún wò ó bóyá òjìji dúdú nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Ilẹ̀ funfun tí kò dán ni òjìji ti ń hàn kedere. Lórí ike dúdú dídán, kò yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Èyí tí mo gbà lẹ́yìn-ọ-rẹ́yìn ni ẹ̀kẹsàn-án. Nínú mẹ́jọ tó ṣáájú, ẹ̀dà ilẹ̀ ló ba márùn-ún jẹ́.

Ohun kan wà tí ìtọ́ni kò lè ṣe, bó ti wù kó péye tó. Kò lè mọ fóònù tó wà nínú páálí ọ̀rẹ́ mi. Á ya fóònù kan tó jọ ọ́, àmì iléeṣẹ́ á wọ́, ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ á sì di ìkọkúkọ. Nítorí náà, fóònù gidi ni mo yà níkẹyìn, lórí páálí dúdú nínú yàrá, mo fi àwòrán náà ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀rọ, mo sì jẹ́ kí ìtọ́ni mi sọ ti iná àti ilẹ̀ nìkan. Àwòrán ojú fóònù nígbà tó bá tàn, ọwọ́ ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn tí fídíò jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta fóònù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwòrán èyí tó wà lọ́wọ́ yín gan-an bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí oníbàárà bá rí nínú fídíò ló máa wá béèrè ní ṣọ́ọ̀bù.