Pẹ́dàlì Tó Há Mọ́ Kíráǹkì

Bí pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ bá há, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ tó wà. Ti ọ̀tún ń tú sí òsì bíi nọ́ọ̀tì yòókù, ṣùgbọ́n ti òsì ń tú sí ọ̀tún. Ẹni tí kò mọ̀ á kàn máa dè é sí i ni, títí tíréèdì kíráǹkì á fi jẹ. Ẹ fi sípánà nọ́mbà 15 sí i, kó nàró sókè, kí ẹ wá fà á síhà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Pẹ́dàlì méjèèjì ló ń tú bẹ́ẹ̀.

Tó bá ti dípẹtà, ẹ kán epo sí i tinú-tòde, kó sùn mọ́jú. Bí kíráǹkì bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ da omi gbígbóná lé e: ó máa ń fẹ̀ ju irin pẹ́dàlì lọ. Bó bá ń yí, tó tún le, ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ tún kán epo.