Kíláàsì Tó Láyè Kọ́ Ni Kíláàsì Tá A Ní

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé n'Íbàdàn. Ọmọ náà fẹ́ wọ SS2. Nígbà tí mo sọ fún un pé kò sí àyè, ó na fóònù rẹ̀ sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ kọ ọ́ síbí pé 'Kírẹ́ẹ̀ṣì dé SS3'?"

Èmi ni mo kọ ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ibi tí ilé-ìwé wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibi tó sì parí sí nìyẹn. Ohun tí màmá kà níbẹ̀ ni pé àga ṣófo ní gbogbo kíláàsì. Owó ọkọ̀ tó ná wá síbẹ̀ ṣòfò.

Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù nínú ìkéde gbígba ọmọ wọlé. Bí àga ṣe ń ṣófo kì í ṣe ohun tí a lè fojú dá. Ẹ jẹ́ ká mú Pírámárì 3 wa. Àga 25 ló wà níbẹ̀. Ọmọ 24 ló wà ní Pírámárì 2. Méjì nínú wọn ń bá òbí wọn kó lọ sí ìlú mìíràn, ó ku 22. Ọmọ kan ní Pírámárì 3 fìdí rẹmi, yóò tún kíláàsì náà ṣe, ó di 23. Àyè méjì péré ló ṣẹ́ kù fún àlejò. Kò sẹ́ni tó lè mọ iye yìí kí èsì ìdánwò táàmù kẹta tó jáde ní oṣù keje, nítorí náà ìkéde tó bá ti jáde láti oṣù kẹrin, ìfojúdíwọ̀n lásán ni.

Àwọn kíláàsì àbáwọlé ni àyè ti ń pọ̀: Nọ́ọ̀sìrì 1, Pírámárì 1, JSS1 àti SS1. Àwọn kan ń pe JSS1 ní Basic 7, nítorí òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọdún 2004 ka ọdún mẹ́fà pírámárì mọ́ ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Òbí tí kò bá mọ èyí yóò máa wá Pírámárì 7 kiri. SS3 ní tirẹ̀ le: máàkì ọmọ láti SS1 títí dé SS3 ni Wáyẹ́ẹ̀kì ń béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé, ọmọ tó sì wọlé lánàá kò ní máàkì kankan lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá rí ilé-ìwé tó ń pariwo pé àyè pọ̀ ní SS3, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọn yóò ti rí máàkì SS1.

Ọjọ́ ìparí náà ní wàhálà tirẹ̀. "Fọ́ọ̀mù yóò parí ní 28 oṣù kẹjọ": ọdún wo? Ìkéde orí Wọ́sáàpù kì í kú. Ti èṣí ṣì ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ṣé títa fọ́ọ̀mù ló parí ni, àbí dídá a padà? Ọ̀pọ̀ òbí ló ra fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n ti dá a padà.

Nọ́ńbà fóònù kọ́? Ẹni tó bá fẹ́ lu jìbìtì lè pa nọ́ńbà wa rẹ́, kó fi tirẹ̀ sí i, kó sì tún un fi ránṣẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára pátákó ẹnu géètì, kí ẹ sì rí i pé orúkọ ilé-ìwé ló wà lórí àkáǹtì náà.

Ohun tí mo kọ lọ́dún yìí nìyí. Mo yọ ìlà mẹ́rin tí a fi ń yin ara wa kúrò níwájú, torí Wọ́sáàpù máa ń gé ìkéde gígùn síbi "Read more", ọ̀pọ̀ kì í sì í tẹ̀ ẹ́.

"Àyè wà ní Nọ́ọ̀sìrì 1 (ọmọ ọdún mẹ́ta), Pírámárì 1 (ọmọ ọdún mẹ́fà), Pírámárì 3 (ọmọ méjì péré), JSS1 àti SS1. Kò sí àyè ní SS2 àti SS3. Ẹ dá fọ́ọ̀mù padà kí agogo méjì ọ̀sán Jímọ̀, 28 oṣù kẹjọ 2026, tó lù. Ìdánwò àbáwọlé: Sátidé, 5 oṣù kẹsàn-án 2026, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ pe ọ́fíìsì, Mọ́ńdè sí Jímọ̀, agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́ta."

Nọ́ńbà ọ́fíìsì àti àdírẹ́sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ibùdókọ̀ tó sún mọ́ wa jù. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè kò béèrè kíláàsì rárá. Ó ní ṣé a ní bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọmọ. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀.