Ọjọ́ Wo Ni Wọ́n Já Ẹ̀fọ́ Náà?

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ lọ ra ẹ̀fọ́ ní Pẹ́kàmù, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kó ùgú ní ìdì ìdì sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ewé rẹ̀ ṣì ń dán, àmọ́ etí rẹ̀ ti fẹ́ máa pọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi mú ìdì méjì. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká mú sípínáàṣì inú fírísà lọ́hùn-ún." Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ fún wọn ní májèlé jẹ. "Èyí tó ti kú yẹn? Kí ló tún kù nínú ẹ̀? Ẹ̀fọ́ tútù ni mo fẹ́, èyí tó ti ilé wá."

Mo bi obìnrin tó ń tajà pé ọjọ́ wo ni wọ́n já ùgú náà. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n já a, ó wọ bàálù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó sì dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní sè é títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀fọ́ tútù náà máa pé kí ó tó débi ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ márùn-ún yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ewé tí a já kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì ń mí, ó sì ń jẹ ohun tó ti kó sínú ara rẹ̀, nítorí kò ní gbòǹgbò tí yóò máa fún un lóúnjẹ mọ́. Fítámì Sí ló tètè ń lọ jù. Fóléètì ń tẹ̀ lé e. Fóléètì yìí ni wọ́n ń fún aláboyún ní oògùn rẹ̀, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ dì dáadáa láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ tí oyún dúró.

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pẹnsilféníà ní Amẹ́ríkà tọ́jú sípínáàṣì sí ibi mẹ́ta tí òtútù wọn kò dọ́gba, wọ́n sì ń wọn fóléètì inú rẹ̀. Nínú fíríìjì tó tutù dáadáa, ìyẹn ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ọjọ́ 8 ni fóléètì náà fi já wálẹ̀ sí 53 nínú 100. Ní ìwọ̀n 10, ọjọ́ 6 ni. Ní ìwọ̀n 20, tí kò tilẹ̀ tó ooru ọ̀sán ní Èkó, ọjọ́ 4 péré ni. Ewé náà lè ṣì máa dán lójú o, síbẹ̀ ìdajì ohun tí a torí rẹ̀ rà á ti lọ. Sípínáàṣì ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ùgú, àmọ́ gbogbo ewé tí a já ló ń mí, ooru sì ń mú gbogbo wọn yára.

Ẹ wá wo ti inú fírísà. Bí wọ́n bá ti kórè sípínáàṣì lóko, ilé iṣẹ́ kì í fi falẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tàbí kí wọ́n fi ooru omi rà á fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan sí méjì, wọ́n á fi omi tútù pa ooru rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gan án sí ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo. Bíbọ̀ yẹn ló ń pa àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń ba ewé jẹ́. Bí wọn kò bá bọ̀ ọ́, ẹ́ńsáìmù náà á máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù, àwọ̀ ẹ̀fọ́ á ṣì, òórùn rẹ̀ á yí padà.

Mi ò ní tan yín: bíbọ̀ yẹn ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀fọ́. Díẹ̀ nínú fítámì Sí àti fóléètì máa ń bá omi lọ. Nítorí náà, sípínáàṣì inú fírísà kò lè bá èyí tí a já láàárọ̀ tí a sè lọ́sàn-án dọ́gba. Àmọ́ lẹ́yìn tó bá ti gan, ohun tó kù nínú rẹ̀ á dúró fún oṣù púpọ̀, kì í sáré lọ bíi ti orí tábìlì. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Jọ́jíà gbé ẹ̀fọ́ àti èso tútù, èyí tó ti lo ọjọ́ márùn-ún nínú fíríìjì, àti ti inú fírísà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Níbi tí ìyàtọ̀ ti wà, ti inú fírísà ló sábà máa ń borí ti ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé àjọ tó jẹ́ ti àwọn olóúnjẹ inú fírísà ló ná owó sí ìwádìí náà. Síbẹ̀ èsì rẹ̀ bá ohun tí a ti mọ̀ nípa ewé mu.

Olè kan tún wà tí a kì í fura sí, inú ilé ìdáná tiwa gan-an ló sì wà. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ọ́sítà, ní Àríwá Áyálándì, se sípínáàṣì nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀. Nǹkan bí ìdajì fóléètì rẹ̀ ló lọ. Èyí tí wọ́n fi ooru omi nìkan sè kò pàdánù nǹkan kan tó ṣe é tọ́ka sí. Ẹ bá mi ṣírò ti ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní 100 ni ẹ̀fọ́ ní lọ́jọ́ tí wọ́n já a, tó sì dín sí 53 kí ó tó délé. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù kí ẹ̀fọ́ rírò má baà ṣàn. Ohun tó máa débi àwo kò ju 26 lọ. Sínkì ìfọ̀wọ́ ni ìyókù gbà lọ.

Ẹ̀fọ́ inú fírísà, wọ́n ti bá wa bọ̀ ọ́. Bí a bá tún bọ̀ ọ́, a ti bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Rírọ̀ tó máa ń rọ̀ ló ń mú káwọn èèyàn pè é ní òkú, àmọ́ omi inú ewé ló di yìnyín, tó fa ara ewé ya. Omi tó ń sun jáde bí yìnyín bá yọ́, oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ má fún un dànù. Ẹ jẹ́ kí ata yín gbẹ dáadáa nínú òróró, kí ẹ da ẹ̀fọ́ náà sí i pẹ̀lú omi rẹ̀, kí ẹ ṣí ìkòkò sílẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa òkúta inú kíndìnrín nìkan ni kí ó máa bọ̀ ọ́ kí ó sì da omi nù, nítorí bíbọ̀ ń dín ohun tó ń fa òkúta náà kù nínú sípínáàṣì.

Fún àwọn tó wà nílé, ọ̀rọ̀ iná kò jẹ́ kí fírísà ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọn ọ̀rá ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rà á. Bí ẹ̀fọ́ tó yẹ kó tú ká bá dì pọ̀ bí òkúta, tí yìnyín sì bo inú ọ̀rá, ó ti yọ́ rí, wọ́n tún un gan ni. Ní ilé yín, ẹ gan omi inú ife kan, kí ẹ fi kọ́ìnì lé e lórí nínú fírísà. Bí ẹ bá ti ìrìn àjò dé tí kọ́ìnì náà ti rì sí ìsàlẹ̀, iná lọ pẹ́, yìnyín yọ́, ẹ̀fọ́ inú ibẹ̀ náà sì yọ́.

Ẹni tó bá ní ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń já tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ láàárọ̀ létí òpópónà, kò nílò fírísà rárá. Ẹ̀fọ́ yẹn kò ní ẹlẹ́gbẹ́, bí ẹ bá sè é lọ́jọ́ náà. Àmọ́ bí ẹ bá bèèrè ọjọ́ tí wọ́n já a, tí ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsí òtútù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, kí ẹ mú ti inú fírísà.