Ọdún wo la fi díye lé e? Bí a ṣe ń mọ ìdàgbàsókè tòótọ́ nínú ìṣirò ọrọ̀ ajé Tógò

Lọ́dún 2020, INSEED, àjọ oníṣirò ìjọba Tógò tó wà ní Lomé, pa ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà dà láti 2007 sí 2016. Nígbà tí ìṣirò tuntun jáde, iye ohun tí Tógò pèsè lọ́dún 2016 fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ ga ju èyí tí wọ́n kà tẹ́lẹ̀. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà lóṣù kẹrin ọdún 2014, nígbà tí ọdún ìpìlẹ̀ kúrò ní 1990 bọ́ sí 2010, tí iye ọdún 2013 sì fi ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Iṣẹ́ táwọn èèyàn ti ń ṣe tipẹ́ ni ìwé tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ kà dáadáa. Ẹni tó bá pe ìfòsókè bẹ́ẹ̀ ní ìdàgbàsókè ti ṣìnà.

Ọ̀nà méjì la ń gbà díye lé ohun tí orílẹ̀-èdè pèsè. Èkíní ni kí a lo owó tí wọ́n ń tà á lọ́dún yẹn gan-an. Èkejì ni kí a lo owó ọdún ìpìlẹ̀ fún ọdún gbogbo, kí ọ̀wọ́n ọjà má bàa tàn wá jẹ. Bí a bá fi iye kejì pín iye èkíní, tí a sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó rí òṣùwọ̀n ìyípadà owó ọjà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pè ní dífílétọ̀. Lọ́dún ìpìlẹ̀, 100 géérégé ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú àfiṣàpẹẹrẹ kan tó ń pèsè ohun méjì péré ṣe é: àgbàdo àti ìpè fóònù. Lọ́dún 2007, kílò àgbàdo kan jẹ́ 200 fáráǹkì, ìṣẹ́jú ìpè kan jẹ́ 100. Lọ́dún 2016, àgbàdo di 300, ìpè já wálẹ̀ sí 50. Wọ́n kó kílò àgbàdo 1,000 lọ́dún náà, wọ́n sì pe ìṣẹ́jú 4,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500,000 fáráǹkì. Lọ́dún 2017, àgbàdo kò lé, ìpè di 5,000, kílò àgbàdo kan sì di 330, nígbà tí owó ìpè dúró sí 50. Àpapọ̀ di 580,000: ó fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lé.

Bí a bá fi owó ọdún 2016 díye lé ti 2017, a ó rí 550,000. Ìdàgbàsókè tòótọ́ jẹ́ ìdá 10, dífílétọ̀ sì jẹ́ 105.5. Ṣùgbọ́n bí a bá lo owó ọdún 2007, ti 2016 á jẹ́ 600,000, ti 2017 á jẹ́ 700,000. Ìdàgbàsókè di ìdá 16.7, dífílétọ̀ sì rọra já wálẹ̀ láti 83.3 sí 82.9.

Àgbàdo kan náà, ìpè kan náà, ìdáhùn méjì. Ohun tó fà á ni pé owó 2007 ṣì ń ka ìpè sí ohun iyebíye, nígbà tó ti di ọ̀pọ̀. Ohun tó ń di ọ̀pọ̀ ni èèyàn sábà máa ń rà sí i, nítorí náà ọdún ìpìlẹ̀ tó ti gbó máa ń bu iyì kún ìdàgbàsókè. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí a da ìwé méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá mú 600,000 ti ọdún 2016 láti inú ìwé àtijọ́, tó mú 550,000 ti ọdún 2017 láti inú ìwé tuntun, á kéde pé ọrọ̀ ajé fi ìdá 8.3 já wálẹ̀, nígbà tí kò sí ohun kan tó dín kù nílùú náà.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a so àwọn ọdún àtijọ́ mọ́ ìwé tuntun. Ká ní ìwé àtijọ́ sọ pé 2015 jẹ́ 570,000, tí 2016 jẹ́ 600,000. A ó fi 600 pín 570, a ó sì fi èsì náà sọ 500,000 ti ìwé tuntun di púpọ̀. Ọdún 2015 á di 475,000. Ìdàgbàsókè tí ìwé àtijọ́ rí láàárín ọdún méjèèjì kò yẹ̀, àmọ́ gbogbo ọdún ti wà lórí ìpìlẹ̀ kan. Ààlà rẹ̀ ni pé, bí a bá so ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a wá ro wọ́n pọ̀, wọn kì í bá àpapọ̀ àwọn ọdún tó ṣáájú ọdún ìpìlẹ̀ dọ́gba mọ́.

Dífílétọ̀ kò sì bá ọ̀wọ́n ọjà tí àwọn ará ilé ń rí dọ́gba. Ohun tí a pèsè nílé nìkan ló ń kà. Bí fọ́sífétì Tógò bá wọ́n lọ́jà àgbáyé, dífílétọ̀ á gòkè láìjẹ́ pé oúnjẹ wọ́n lọ́jà Lomé. Bí ìrẹsì tí wọ́n ń kó wọlé bá sì wọ́n, ará ilé á mọ̀ ọ́n lára, dífílétọ̀ lè máà fi í hàn rárá.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìdàgbàsókè tuntun jáde, ẹ wo ọdún tí dífílétọ̀ ti jẹ́ 100. Bí ọdún méjì tí wọ́n ń fi wéra kò bá ní ọdún ìpìlẹ̀ kan náà, tí wọn kò sì so wọ́n pọ̀, ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ìdàgbàsókè.